Bí a ṣe ń ka póìńtì jíìnì rọ́mì lẹ́yìn tí ẹnìkan bá ti nọ́ọ̀kì

Àwọn tó mọ jíìnì rọ́mì ta pọ̀ ju àwọn tó mọ póìńtì ẹ̀ kà lọ. Ẹ máa rí ẹni méjì tí wọ́n ta káàdì dáadáa, ọ̀kan nọ́ọ̀kì, ìyẹn ni pé ó fòpin sí ráúńdì náà, wọ́n tú káàdì sílẹ̀, wọ́n yọ iye kan kúrò nínú èkejì wéré, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n ti tún ń po káàdì, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò tọ́ sí ni wọ́n kọ póìńtì náà fún. Ibì kan ṣoṣo ló sábà máa ń bàjẹ́: àárín ìgbà tí ẹni tó nọ́ọ̀kì tẹ́ káàdì ẹ̀ sílẹ̀ àti ìgbà tí ẹ máa yọ iye kúrò nínú iye. Ibẹ̀ ni mo máa pẹ́ sí jù.

Mo gbà pé ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ta á: ẹni méjì, káàdì 10 lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹ mú ọ̀kan ẹ ju ọ̀kan, ẹ ń wá ìdì. Ìdì ni káàdì 3 tàbí 4 tó jẹ́ nọ́ńbà kan náà, tàbí káàdì 3 ó kéré tán tó tẹ̀léra nínú àmì kan náà. Èyí tí kò bá wọ ìdì kankan ni màá máa pè ní àṣẹ́kù. Kíǹgì, kúìnì àti jáàkì jẹ́ 10 10, éèsì jẹ́ 1, àwọn yòókù jẹ́ iye tó wà lójú wọn. Éèsì ò ní tẹ̀lé kíǹgì o, abẹ́ 2 nìkan ló máa ń jókòó sí.

Kí ẹ tó pín káàdì àkọ́kọ́, ẹ fẹnu kò lórí bónọ́ọ̀sì. Témi ni pé jíìnì, ìyẹn kí gbogbo káàdì ẹni wọ ìdì, jẹ́ 25, ọ́ńdákọ́ọ̀tì, ìyẹn kí àṣẹ́kù ẹni tó nọ́ọ̀kì má kéré sí ti ẹnìkejì, jẹ́ 25, gbogbo ráúńdì téèyàn bá jẹ jẹ́ 25 nígbà tí géèmù bá parí. Àwọn kan ń lo 20 fún jíìnì àti 10 fún ọ́ńdákọ́ọ̀tì, ìyẹn náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sí orí ìwé kí káàdì tó wọlé, torí ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọ́ńdákọ́ọ̀tì fún kì í gbà pé 25 ni ẹ sọ. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, kì í ṣe báírò, ẹ fa ìlà kan sí àárín ìwé, orúkọ ẹnìkan lápá ọ̀tún, ti ẹnìkejì lápá òsì. Tí kò bá sí ìwé, ẹ̀yìn páálí káàdì náà tó. Èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa kà á sórí fóònù, torí àròpọ̀ nìkan ló máa ń kù níbẹ̀, ẹ ò ní mọ ráúńdì tí ẹnìkọ̀ọ̀kan jẹ mọ́, ẹ sì máa nílò ẹ̀ tó bá yá.

Nọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀ ò le. Ẹ mú káàdì, ẹ wo 10 tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀, tí àṣẹ́kù inú wọn kò bá ju 10 lọ, ẹ ju èyí tó ṣẹ́kù ní ìdojúdé, ẹ sì tẹ́ yòókù sílẹ̀. Ìdì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àyè wà láàárín wọn, àṣẹ́kù lápá kan. Kí ẹni tó nọ́ọ̀kì wá pe iye ẹ̀ síta, "mo ní 8", kí ẹnìkejì tó fọwọ́ kan nǹkankan. Tí wọn ò bá pè é síta mi ò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkankan.

Ó ti wá dé ibi tó le báyìí.

Ẹnìkejì náà á tẹ́ ìdì tiẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnikẹ́ni tó yọ iye kúrò nínú iye, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú àṣẹ́kù ẹ̀ tó bá bá ìdì ẹni tó nọ́ọ̀kì mu, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Wọ́n á ka gbogbo àṣẹ́kù ọwọ́ ẹ̀ pọ̀, wọ́n á yọ ti ẹni tó nọ́ọ̀kì kúrò, ó tán. Ìṣirò yẹn ò tọ̀nà rárá, torí iye tí à ń wá ni èyí tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́yìn tó ti lẹ gbogbo èyí tó lè lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n nọ́ọ̀kì.

Ẹ jẹ́ ká mú ọwọ́ kan. Bọ́lá nọ́ọ̀kì. Ó ní 7 mẹ́ta, ti háàtì, dáyámọ́ńdì àti kíláàbù, ó sì ní 3, 4, 5, 6 sípéèdì. Àṣẹ́kù ẹ̀ ni éèsì dáyámọ́ńdì, 2 kíláàbù àti 5 háàtì, ó jẹ́ 8. Kúnlé ní kúìnì mẹ́ta, ó ní 9, 10 àti jáàkì kíláàbù, ohun tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ ni 7 sípéèdì, 2 sípéèdì, 4 dáyámọ́ńdì àti 3 háàtì. Ẹ kà wọ́n pọ̀, 16 ni. Ẹni tó ń kánjú á sọ pé 16 yọ 8, póìńtì 8 fún Bọ́lá, ẹ po káàdì.

Ṣùgbọ́n Kúnlé ò tíì lẹ nǹkankan. 2 sípéèdì á bọ́ síwájú 3 sípéèdì Bọ́lá, 7 sípéèdì á lẹ̀ mọ́ àwọn 7 tàbí kó tẹ̀lé 6 sípéèdì. 4 àti 3 ló kù, ìyẹn 7. 7 kéré sí 8, torí náà Kúnlé ló jẹ ráúńdì náà, ìyẹn la sì ń pè ní ọ́ńdákọ́ọ̀tì: ẹni tó nọ́ọ̀kì ni àṣẹ́kù ẹ̀ pọ̀ jù. Kúnlé á gba 1 tó jẹ́ ìyàtọ̀ àárín wọn, á tún gba bónọ́ọ̀sì 25, 26 lápapọ̀. Ẹ wò ó, látorí 8 fún Bọ́lá ó di 26 fún Kúnlé, káàdì méjì péré ló sì fà á.

Tí iye wọn bá dọ́gba ńkọ́? Ọ́ńdákọ́ọ̀tì náà ni. Ká ní 8 ni Kúnlé kù sí, ìyàtọ̀ ò sí, ṣùgbọ́n 25 rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń pè é ní ọ̀mì, tí wọ́n á sọ pé kí wọ́n tún pín. Kì í ṣe ọ̀mì o, ẹni tó nọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 1 dín sí ti ẹnìkejì kó tó jẹ.

Bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ náà ní ọgbọ́n tiẹ̀. Ẹ padà síbi 7 sípéèdì yẹn tó ní ibi méjì tó lè lọ. Ká ní Kúnlé ò ní 4 dáyámọ́ńdì, 8 sípéèdì ló wà dípò ẹ̀. Tó bá sáré fi 7 sípéèdì mọ́ àwọn 7, 8 sípéèdì ti há mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn, 8 àti 3 ló kù, 11, Bọ́lá jẹ 3. Tó bá fi 7 yẹn tẹ̀lé 6 sípéèdì, 8 á tẹ̀lé 7, 3 háàtì nìkan ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. 8 yọ 3 jẹ́ 5, ẹ fi 25 kún un, Kúnlé gba 30. Káàdì kan náà, ibi tí wọ́n gbé e sí nìkan ló yàtọ̀. Torí náà, káàdì tó bá lè lọ sí ibi méjì, ẹ kọ́kọ́ di í mú, ẹ wo gbogbo èyí tó kù lọ́wọ́ yín dáadáa ná, ẹ tó gbé e sílẹ̀ kẹ́yìn. Kódà ẹ lè tú ìdì tiyín, kí ẹ tò ó lọ́nà míì, tí ìyẹn bá máa jẹ́ kí àṣẹ́kù yín kéré sí i.

Ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe: ìdì nìkan ni wọ́n ń lẹ káàdì mọ́, wọn kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ àṣẹ́kù. Tí Bọ́lá bá ní 5 háàtì lásán, Kúnlé tó ní 5 méjì lọ́wọ́ ò lè sọ pé òun fi ṣe ìdì. Ẹni tó nọ́ọ̀kì pẹ̀lú ò lè lẹ àṣẹ́kù tiẹ̀ mọ́ ìdì ẹnìkejì, láé.

Jíìnì rọrùn jù ú lọ. Ìyẹn ni pé káàdì 10 ẹni tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ ti wọ ìdì tán, àṣẹ́kù ẹ̀ jẹ́ òdo. Ẹnìkejì ò ní àǹfààní láti lẹ nǹkankan, kò sì sí ọ́ńdákọ́ọ̀tì níbẹ̀, kódà kí òun náà wà ní òdo. Ká ní jíìnì ni Bọ́lá ṣe nígbà tí Kúnlé mú ọwọ́ àkọ́kọ́ yẹn dání, gbogbo 16 ló máa san, pẹ̀lú 25, ìyẹn 41. Ẹni tí àṣẹ́kù ẹ̀ kéré tó sì ń rò ó bóyá kóun nọ́ọ̀kì báyìí àbí kóun dúró de jíìnì, ohun tó ń wọ̀n nìyẹn. Èmi máa ń nọ́ọ̀kì ní kíá tí káàdì tí a ti jù sílẹ̀ ò bá tíì pọ̀, nítorí ẹnìkejì ò tíì to ìdì. Tó bá ti pẹ́, tí mo sì wà ní 8 tàbí 9, mi ò ní nọ́ọ̀kì, ọ́ńdákọ́ọ̀tì ló ń dúró dè mí níbẹ̀. Tí káàdì tí ẹ ń mú bá wá kù méjì péré tẹ́nikẹ́ni ò sì nọ́ọ̀kì, ráúńdì yẹn ti di òfo, ẹ má kọ nǹkankan, ẹ tún un pín.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀ wá kù. Ẹ má kọ iye ráúńdì nìkan, ẹ kọ àròpọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí ráúńdì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tiẹ̀. Èmi máa ń fi òbìrí yí ọ́ńdákọ́ọ̀tì ká. Kí ẹ má sì po káàdì títí ẹni méjèèjì á fi wo ohun tí wọ́n kọ, torí lẹ́yìn tí ẹ bá ti pò ó kò sí ẹ̀rí mọ́.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 100 ló jẹ géèmù. Póìńtì jíìnì àti ti ọ́ńdákọ́ọ̀tì wà lára ohun tó ń gbé èèyàn dé 100, ṣùgbọ́n 25 ti ráúńdì kọ̀ọ̀kan kò sí lára ẹ̀, ìparí nìkan ni wọ́n ń kà á. Àwọn kan ń kà á bí wọ́n ṣe ń lọ, géèmù wọn á sì parí láìtọ́jọ́. Ká ní Kúnlé dé 104, ó jẹ ráúńdì 5, Bọ́lá wà ní 61, ó jẹ 3. Kúnlé á gba 100 fún géèmù àti 125 fún ráúńdì ẹ̀, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 329. Bọ́lá gba 75 fún ráúńdì tiẹ̀, 136. Kúnlé fi 193 jù ú lọ. Tí Bọ́lá ò bá jẹ ráúńdì kankan rárá, 200 ni bónọ́ọ̀sì géèmù tí èmi máa ń kọ dípò 100, àwọn míì sì ń sọ gbogbo àròpọ̀ ẹni tó jẹ di ìlọ́po méjì. Èyí náà wà lára ohun tó yẹ kí ẹ ti kọ sí orí ìwé kí ẹ tó pín káàdì.