Wọ́n ní kí n fi kún owó ilé, mo ní kí wọ́n yọ nínú ẹ̀

Ilé tí òrùlé kíṣìnì ẹ̀ ń jò, tí páìpù ilé ìwẹ̀ ń kán tó-tó-tó mọ́jú, òun ni lánlọ́ọ̀dù kọ lẹ́tà lé lórí pé kí n fi ìdá 20 nínú 100 kún owó ẹ̀. Kí wá ni mò ń sanwó fún gan-an, ṣé òjò?

Mo ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ tòun ti déètì, káfíńtà àti plọ́ńbà kọ iye tí iṣẹ́ á jẹ sílẹ̀ fún mi, mo wo àwọn ilé tí wọ́n ń polówó ládùúgbò. Ìyẹn ò le rárá. Ejẹ́ǹtì ló le.

Ó ní iye tí mo rí nínú ìpolówó, iye tí wọ́n ń pè ni, kì í ṣe iye tí èèyàn ń san. Ó ká mi lára torí òótọ́ wà níbẹ̀. Ni mo bá ń pe àwọn tó ni ìpolówó yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń bi wọ́n pé ṣé ilé yẹn ṣì wà, èló ni wọ́n máa gbà jálẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èyí tó ti pẹ́ níta ti ń wálẹ̀. Mo yọ gbogbo èyí tí yàrá ẹ̀ ju tèmi lọ tàbí tó kéré sí i, kó má baà rí ẹnu sọ̀rọ̀. Mẹ́ta ló kù, kò sí èyí tó ju iye tí mò ń san tẹ́lẹ̀ lọ, òrùlé wọn ò sì jò.

Ejẹ́ǹtì tún yí i: "Àtúnṣe lọ́tọ̀, owó ilé lọ́tọ̀." Irọ́ ńlá! Tí ilé tó dáa bá ń gba iye kan, eléyìí tó ń jò ò lè gba iye kan náà. Ó dákẹ́, kò jíṣẹ́ fún lánlọ́ọ̀dù, kò dá mi lóhùn.

Mo bá kọ lẹ́tà sí lánlọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀, mo kó fọ́tò, bílì àwọn oníṣẹ́ àti ilé mẹ́ta yẹn sínú ẹ̀. Mo ní ẹ yọ 10 nínú 100. Mo tún bá wọn ṣírò ẹ̀: tí mo bá kó lọ, tí ilé ṣófo fún oṣù kan péré, ó ju 8 nínú 100 owó ọdún kan lọ, wọn ò sì tíì kan òrùlé tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe kí ẹlòmíì tó gbà á. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ wọ́n létí, kì í ṣe fọ́tò.

Wọ́n fagi lé owó tí wọ́n fẹ́ fi kún un, wọ́n yọ 8, àmọ́ wọ́n ní tí òrùlé bá ti dáa, owó á padà sí ti tẹ́lẹ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé káfíńtà tó parí iṣẹ́ àti òjò tó rọ̀ tí kò jò ló máa fi hàn pé ó ti dáa, kì í ṣe ẹnu ejẹ́ǹtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe irú ẹ̀, lánlọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Plọ́ńbà ti wá. Káfíńtà ò tíì yọjú, owó tó dín ni mo ṣì ń san.