Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ gbogbo alága, síbẹ̀ ìkànnì mi ò rówó pa

₦50,000 ni mo san fún ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwa kan bí a ṣe lè máa pa owó lórí YouTube. Ọ̀rọ̀ tó tẹnu mọ́ jù ni pé, "Ẹ ṣáà ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni fídíò, kò sí ẹni tó máa yẹ̀ yín lọ́wọ́ wò." Ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́jọ ló sì fi ṣòfò fún mi.

Fídíò àwọn alága ìdúró àti alága ìjókòó ni mo ń kó jọ. Mo kọ̀wé sí wọn lórí WhatsApp, àwọn mẹ́tàdínlógún sì fún mi láṣẹ. Èmi á gé ibi tó dùn jù nínú ìgbéyàwó mẹ́wàá, màá lẹ̀ wọ́n pọ̀, màá fi orin sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, àwọn tó ń tẹ̀lé mi ti lé ní 1,000, wákàtí tí wọ́n fi wò mí sì ti di 4,310. Wákàtí 4,000 láàrin oṣù 12 ni YouTube ń béèrè, nítorí náà mo tọrọ kí ìkànnì mi bẹ̀rẹ̀ sí í pa owó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èsì dé: "Reused content", ìyẹn ni pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni mò ń tún lò.

Inú bí mi. Ọjọ́ 21 ni èèyàn ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni mo ti ṣe fídíò tèmi ránṣẹ́, tí mo ń fi ìwé àṣẹ àwọn alága hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá a nù. Ìgbà tí mo wá fara balẹ̀ ka òfin YouTube lórí rẹ̀ ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ àṣẹ kọ́ ni wọ́n ń bá mi sọ. Ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ lọ́tọ̀, èyí lọ́tọ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni kí ni ìwọ fi kún un, tí ẹni tó ń wò ó fi máa mọ̀ pé iṣẹ́ tìrẹ yàtọ̀ sí ti ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Kódà kí oníṣẹ́ fọwọ́ sí i fún ọ, àkójọ lásán ò lè pa owó.

Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 30. Ibi tí wàhálà gan-an ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe fídíò kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò, gbogbo ìkànnì ni: èyí tí èèyàn wò jù, èyí tó tuntun jù, èyí tó kó wákàtí jù. Àkójọ mẹ́ta péré ló kó wákàtí 3,000 nínú tèmi. Tí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Tí mo bá sì fi wọ́n pamọ́, wákàtí wọn ò ní kà mọ́, torí wákàtí fídíò tí gbogbo ayé lè rí nìkan ló ń kà. Mo rò pé mo lè gbé fídíò tí mo ti tún ṣe sí ojú ibi tí ti àtijọ́ wà, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe: èyí tí o bá tún gbé sókè, tuntun ni, òdo ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mi ò fi lè jẹun dáadáa. Mo fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pamọ́, ó ku 1,310. Bí oṣù sì ṣe ń lọ, wákàtí tó ti lé lọ́dún kan náà tún ń jábọ́.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú kí n máa wo fídíò náà kí ojú mi hàn ní igun, kí n máa rẹ́rìn-ín, kí n máa pàtẹ́wọ́. Ọmọ àbúrò mi ló kìlọ̀ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ nǹkan kan." Òótọ́ ló sọ, torí òfin náà dárúkọ irú èyí: kí èèyàn kàn máa ṣojú ṣẹnu sí fídíò ẹlòmíràn láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lé e ni wọ́n gbà láyè.

Bí mo ṣe wá ń ṣe é nìyí. Ẹ jẹ́ kí n mú ibi tí wọ́n ti ní kí ìyàwó mú ohun tó wù ú jù nínú ẹrù ìdána. Ìṣẹ́jú àáyá 20 ni mo fi jẹ́ kí fídíò náà ṣí, mo dá a dúró níbi tí ọwọ́ ìyàwó ti kan Bíbélì, mo sì fi ìka tọ́ka sí òrùka tí wọ́n so mọ́ ọn. Mo ṣàlàyé fún bí ìṣẹ́jú méjì ìdí tí alága ìjókòó fi mọ̀ọ́mọ̀ ń darí ojú rẹ̀ sí ìbòmíràn, àti ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé Mùsùlùmí. Lẹ́yìn náà mo fi ti alága mìíràn wé e. Ohùn mi ló ń gba àkókò jù, fídíò wọn wá di ẹ̀rí ọ̀rọ̀ mi. Mo tún ọ̀rọ̀ tí mo fi júwe ìkànnì náà kọ, torí wọ́n máa ń kà á.

Oṣù méje ni mo fi wá wákàtí tó ṣẹ́ kù. Nígbà tí mo tún tọrọ, ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi gbà mí, láìpe ẹjọ́ kankan. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo pe ìyá mi láàárọ̀ kùtù. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò bá má fi ìkánjú ná ẹjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Fídíò ẹjọ́ ò gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún, àdírẹ́sì ìkànnì gbọ́dọ̀ jáde láàrin ìṣẹ́jú àáyá 30 àkọ́kọ́, bí o ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ ni wọ́n sì fẹ́ rí. Mi ò fi ìkankan hàn wọ́n nínú tèmi.

Àkójọ mẹ́ta yẹn ṣì wà ní ìpamọ́. Ọ̀kan nínú àwọn alága náà béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá ìgbà tí màá dá tiẹ̀ padà. Mo ní kó wá jókòó tì mí, kó fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀.