Pákó Tútù Ló Sọ Tábìlì Ẹnu Ọ̀nà Mi Di Olówó Ńlá

₦70,000 ni mo yà sọ́tọ̀ fún tábìlì ẹnu ọ̀nà mi. Kí n tó rí láńpù gbé lé e lórí, ó ti gba ₦112,000 lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fi ohunkóhun kún ohun tí mo ní kí wọ́n kàn. Pákó tútù ni káfíńtà fi kàn án fún mi. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, nítorí pé òṣùwọ̀n ilé ìdáná lásán tó láti fi mọ pákó tí kò tíì gbẹ.

Ìbarà ni ilé wa wà, níbí l'Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró lẹ máa bá, ògiri rẹ̀ funfun láìsí nǹkan kan lára rẹ̀. Ojú àlejò á gba ibẹ̀ kọjá tààrà sí ilé ìdáná. Mo fẹ́ ohun tí ojú á kọ́kọ́ bà lé kó tó débẹ̀: tábìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbé ti ògiri, láńpù, ewéko, àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí ìyá mi rà n'Ítòkú nígbà tí mo ṣì kéré. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4. Mo ní kí tábìlì fẹ̀ ní ínṣì 12 péré, kí ó gùn ní 42, kí ó sì ga ní 31, kí ínṣì 36 lè ṣẹ́kù fún ẹni tó bá ń gbé ẹrù kọjá. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún káfíńtà.

Ó kàn án bí mo ṣe wí. Igi àfàrà ni, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, gbogbo ẹni tó rí i ló yìn ín. Nígbà tí ọyẹ́ dé ni ọ̀rọ̀ yí padà. Pákó méjì tó lẹ̀ pọ̀ di ojú tábìlì là láàárín, etí rẹ̀ méjèèjì ká sókè, ẹsẹ̀ kan ò sì kanlẹ̀ mọ́. Ẹ gbé láńpù lé e, á máa mì bí ọmọdé bá sáré kọjá.

Mo pe káfíńtà. “Àǹtí, ọyẹ́ ló fà á, kò sí tábìlì tí ọyẹ́ kì í bá jà.” Ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, ìyẹn po lẹ́búlẹ́bú igi pọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi dí ojú ibi tó là, ó sì kun fáníìṣì lé e. Kò pẹ́ tó fi tún là lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n dí. Mo tún pè é, ó ní kí n máa fi òróró nù ún. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbé fóònù mi mọ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó ti gba owó rẹ̀ pé, ó sì fẹ́ kí n gbà pé ojú ọjọ́ ló jẹ̀bi.

Bàbá káfíńtà kan ní Láfẹ́nwá ló là mí lóye. Ó tẹ ìka mọ́ ìdí tábìlì náà, ó mi orí. “Ọyẹ́ kò ṣe é ní nǹkan kan, ọmọ mi. Omi ló wà nínú rẹ̀. Ọyẹ́ kàn fà á jáde ni.”

Ó gé èkìrí kan nínú igi tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀, igi tó nípọn jù lára tábìlì náà, ó ní kí n wọ̀n ọ́n, kí n yan án títí tí kò fi ní fúyẹ́ sí i mọ́, kí n tún un wọ̀n. Aya àbúrò mi tó ń yan kéèkì ló bá mi fi sínú ófùn tí kò gbóná jù. Kó tó wọlé, gíráàmù 126 ni. Nígbà tí kò yí padà mọ́, ó jẹ́ 100. Gíráàmù 26 tó lọ yẹn, omi ni. Bí ẹ bá fi wé igi gbígbẹ tó ṣẹ́kù, omi náà jẹ́ ìdá 26 nínú 100, lẹ́yìn tó ti pẹ́ nínú ilé mi. Igi tó bá ti bá afẹ́fẹ́ ilé mu níhà tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá 15 lọ.

Bàbá wá ṣàlàyé ìdí tí tábìlì fi rẹwà ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì bàjẹ́ nílé. Igi kì í bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì títí omi inú rẹ̀ yóò fi wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 30. Pákó tútù lè tọ́ rekete lọ́wọ́ káfíńtà, kó gba fáníìṣì dáadáa, kó má sì fi ohunkóhun hàn. Bó bá wá ń gbẹ, fífẹ̀ rẹ̀ ló máa ń dín kù, gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Káfíńtà àkọ́kọ́ sì ti fi gọ́ọ̀mù àti ìṣó kan igi ìdábùú mọ́ abẹ́ rẹ̀ gbọn-in. Ojú tábìlì fẹ́ sún kì, igi ìdábùú kò gbà, ó bá là.

A tú u palẹ̀. Igi nínípọn ni Bàbá fi àfàrà gbígbẹ tirẹ̀ rọ́pò, ibẹ̀ ni owó ti gun òkè. Àwọn pákó ojú tábìlì ló tò léra wọn lábẹ́ òrùlé, ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, ó kun ọ̀dà sí ìpẹ̀kun méjèèjì pákó kọ̀ọ̀kan kí ibẹ̀ má baà gbẹ jù kó là, ó sì gbé búlọ́ọ̀kù lé wọn. Kò jẹ́ kí oòrùn kàn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ la ń wọn pákó kúkúrú kan nínú wọn. Nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó ní ó yá. Lọ́tẹ̀ yìí, síkúrù ló fi de ojú tábìlì mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì lu ihò síkúrù náà gbọọrọ, kí igi lè máa sún síwá sẹ́yìn bí ojú ọjọ́ bá ń yí. Òjò ti dé, ọyẹ́ mìíràn ti kọjá, kò là, kò ká. Èmi gan-an ń fi ọwọ́ pa á bí mo bá ń kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ kàn tiyín, ẹ tọrọ àjákù pákó lọ́wọ́ káfíńtà kí ẹ tó sanwó. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà nínú ilé, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá fúyẹ́ sí i, pákó rẹ̀ kò tíì tó kàn. Ẹ bi í pẹ̀lú bó ṣe fẹ́ de ojú tábìlì. Bó bá ní gọ́ọ̀mù àti ìṣó ni, ẹ sọ fún un pé ẹ ò fẹ́.

Ìyókù kò le. Gúlóòbù tí wọ́n kọ 2700K sí lára ni mo fi sí láńpù, nítorí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì bá aró ẹlú mu ju funfun báláú lọ. Láńpù wà ní ìhà kan, ọ̀já ìkookò nínú kòkò amọ̀ wà ní ìhà kejì, àdìrẹ tí mo fi gíláàsì bò wà lára ògiri láàárín wọn, níbi tí oòrùn ẹnu ọ̀nà kò dé, torí oòrùn a máa ṣá ẹlú. Ewéko náà kò béèrè ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Ìgbà tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ dénú nìkan ni mo ń bomi rin ín, gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà bí omi bá pọ̀. Kòkò amọ̀ a máa jò díẹ̀díẹ̀, nítorí náà abọ́ tí wọ́n dán nínú ni mo gbé sábẹ́ rẹ̀, mo sì fi ìdérí ìgò mẹ́rin gbé abọ́ náà kúrò lórí igi.