Èrè àṣẹ́kù: àṣìṣe tó ń fi owó tí kò sí kún iye ilé-iṣẹ́

Ọmọ ìyá mẹ́ta ló jọ ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe kajú ní Sábẹ. Wọ́n ń ra èso lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n ń sè é, wọ́n ń fọ́ èèpo rẹ̀, hóró inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń tà. Èyí obìnrin nínú wọn ti kó wá sí Àjàṣẹ́, ó sì fẹ́ gba ìdá kan nínú mẹ́ta tó jẹ́ tirẹ̀. Ó gbé ìwé kan tí ẹnì kan bá wọn ṣírò wá bá mi. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n kọ 121.5 mílíọ̀nù sẹ́fà sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó," ó ní. "Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, 40.5 mílíọ̀nù ni tèmi."

Ó ti ń wo ilẹ̀ tí yóò fi owó náà rà. Nígbà tí mo tún ìṣirò ọ̀hún ṣe, nǹkan bíi 91 mílíọ̀nù ni mo rí, ìyẹn 30.3 mílíọ̀nù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí láti sọ ọ́. Ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n lò kò burú, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí ìwé rẹ̀ bá mọ́. Bí wọ́n ṣe lò ó ló burú. Mo ti yí àwọn iye inú ìtàn yìí padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ilé wọn mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe náà kò yí padà, mo sì máa ń rí wọn léraléra.

Ohun tí ọ̀nà yìí ń sọ nìyí. Tí a bá yọ gbogbo gbèsè kúrò nínú ohun tí ilé-iṣẹ́ ní, ohun tó kù ni owó àwọn olówò tó wà nínú ìwé. Owó yẹn ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, nítorí àwọn tó ni ín ì bá ti fi ṣe nǹkan mìíràn tí ewu rẹ̀ kò ju tibí lọ. Tí wọ́n bá gbà pé ìdá 15 nínú 100 lọ́dún ló tọ́ sí wọn, a ó yọ ẹ̀tọ́ yẹn kúrò nínú èrè ọdún kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni èrè àṣẹ́kù. Iye ilé-iṣẹ́ ni owó inú ìwé lónìí, pẹ̀lú gbogbo èrè àṣẹ́kù ọjọ́ iwájú lẹ́yìn tí a bá ti dín in kù sí iye tó jẹ́ lónìí.

```
RI(t) = NI(t) - r × B(t-1)
V0 = B0 + RI(1)/(1+r) + RI(2)/(1+r)^2 + ...
```

V ni iye ilé-iṣẹ́, B ni owó inú ìwé, NI ni èrè ọdún, RI ni èrè àṣẹ́kù, r sì ni ẹ̀tọ́ owó. Ohun tí a retí ní ilé-iṣẹ́ kajú náà nìyí, ní mílíọ̀nù sẹ́fà:

```
Ọdún  Ìbẹ̀rẹ̀  Èrè   Ẹ̀tọ́   Àṣẹ́kù  Ìpín
1     80      18    12    6      8
2     90      18.5  13.5  5      8.5
3     100     18    15    3      18
```

Èrè tí wọn kò bá pín ló ń wọ inú ìwé: 80, a fi 18 kún un, wọ́n pín 8, ó di 90. Èrè àṣẹ́kù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí a bá pín wọn pẹ̀lú 1.15 fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín, jẹ́ 5.22, 3.78 àti 1.97 lónìí. Àpapọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11. A gbà pé lẹ́yìn ọdún kẹta àṣẹ́kù jẹ́ òdo. Fi kún 80, ó di 91.

Báwo ni 121.5 ṣe wá jáde? Ẹni tó ṣe é fi odindi èrè kún owó inú ìwé. 18, 18.5 àti 18 ló dín kù sí iye òní, ó rí 41.5, ó sì fi lé 80 lórí. Ẹ̀tọ́ owó ni kò yọ rárá. Ìdí tí a fi lè ka 80 sí 80 ni pé a gbà pé yóò máa mú ìdá 15 rẹ̀ wá. Èrè 12 tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún kìíní ti wà nínú 80 yẹn. Ẹni tó bá tún kà á ti ta igi kajú tán, ó sì tún padà wá gba owó èso tí igi náà yóò so. 30.5 mílíọ̀nù ni àṣìṣe kan ṣoṣo yìí fi kún un, òun náà sì ni mo máa ń kọ́kọ́ wá nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Àṣìṣe kejì kì í hàn bọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn á yọ ẹ̀tọ́ owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n 12 ni yóò máa yọ lọ́dọọdún, torí pé 80 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Èrè àṣẹ́kù á wá di 6, 6.5, 6, iye ilé-iṣẹ́ á sì di 94. Mílíọ̀nù 3 tó fi kún un kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Ohun tó burú ni pé ó bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Mílíọ̀nù 10 ni wọ́n ń dá padà sínú iṣẹ́ ní ọdún kìíní àti ní ọdún kejì, èrè kò sì kúrò ní nǹkan bíi 18. Owó tuntun náà kò mú nǹkan kan wá. Nínú ìṣirò tó tọ́, ẹ óò rí i pé àṣẹ́kù ń já wálẹ̀, 6, 5, 3. Nínú èyí tí kò tọ́, iṣẹ́ náà dúró dáadáa lójú ẹni tó ń kà á. Iye ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa lò. Ẹ má lo ti ìparí ọdún, nítorí owó tó wọlé ní Oṣù Kejìlá kò tíì ṣiṣẹ́ láti Oṣù Kìíní.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ra ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀, iye rẹ̀ nínú ìwé sì kéré. Àbúrò wọn ọkùnrin ní kí wọ́n gbé e sí iye ọjà òní, kí wọ́n fi 30 mílíọ̀nù kún un. Nínú ètò ìwé SYSCOHADA tí a ń lò ní Benin, irú àfikún bẹ́ẹ̀ lè wọ inú owó àwọn olówò tààrà láìgba inú èrè ọdún kọjá. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, 80 di 110. Kò sí hóró kajú kan tó kún tiwọn, kò sí oníbàárà tuntun.

Ẹ wò ó bó ṣe ń lọ. Ẹ̀tọ́ owó ọdún kìíní di 16.5, àṣẹ́kù di 1.5. Ọdún kejì, 0.5. Ọdún kẹta, a lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, ó di -1.5. Àpapọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lónìí kò tó mílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n nítorí pé 110 ni a fi bẹ̀rẹ̀, iye ilé-iṣẹ́ di 110.7. Ó fi nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù ju 91 lọ. Níbo ló ti wá?

Ibi tí a ti dá ìṣirò dúró ló ti wá. 30 mílíọ̀nù yẹn ń béèrè 4.5 mílíọ̀nù ẹ̀tọ́ lọ́dọọdún. Ọdún mẹ́ta péré ni a yọ ọ́. Nígbà tí a sọ pé lẹ́yìn ọdún kẹta àṣẹ́kù jẹ́ òdo, ohun tí a sọ láìmọ̀ ni pé láti ọjọ́ yẹn lọ, ilẹ̀ náà yóò máa mú 4.5 mílíọ̀nù wá lọ́dún. Kò sì ní mú un wá. Tí a bá ń yọ 4.5 náà lọ títí láé, 4.5 pín pẹ̀lú 0.15 jẹ́ 30 gẹ́lẹ́, àfikún náà á sì pa ara rẹ̀ rẹ́, a ó padà sí 91. Àwọn olùkọ́ máa ń sọ pé bí a bá ṣe kọ ìwé kò kan ìṣirò yìí, pé ohun tó bá pọ̀ nínú owó inú ìwé yóò dín kù nínú àṣẹ́kù. Òótọ́ ni, bí ẹ kò bá gé ìrù rẹ̀. Tí ilẹ̀ kan bá wà lóòótọ́ tí iṣẹ́ kò lò ó, tí ẹ sì lè tà á láìpa iṣẹ́ lára, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìwé iṣẹ́ pátápátá, kí ẹ wá fi iye tí yóò tà kún un lọ́tọ̀ ní ìparí.

Ìrù yìí kan náà ni àwọn mìíràn ń fà gùn jù. Wọ́n á mú àṣẹ́kù 3 ti ọdún kẹta, wọ́n á ní yóò máa wà títí ayé. 3 pín pẹ̀lú 0.15 jẹ́ 20 ní ọdún kẹta, 13.2 lónìí, iye ilé-iṣẹ́ á sì di 104. Ẹ bi ara yín pé kí ló máa jẹ́ kó wà títí ayé. Láti 2024 ni ìjọba ti fòfin de kíkó kajú tútù jáde kúrò ní Benin, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì wà ní Glo-Djigbé tí àwọn náà ń wá èso. Nígbà tí olùrà bá pọ̀ lọ́dọ̀ àgbẹ̀, iye èso á lọ sókè, a ó sì jẹ àṣẹ́kù tán díẹ̀díẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kó rọ dípò kó dúró. Tí a bá gbà pé ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ ló ń kù lọ́dọọdún, ti ọdún kẹrin á jẹ́ 1.8. A ó pín 1.8 pẹ̀lú 1.15 tí a ti yọ 0.6 kúrò nínú rẹ̀, ó jẹ́ 3.27 ní ọdún kẹta, 2.15 lónìí. Ilé-iṣẹ́ di 93. Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa ọjà kajú fẹ́ èyí ju 104 lọ.

Ohun méjì kan tún wà tí kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ má fi èlé tí báǹkì ń gbà lórí gbèsè ṣe ẹ̀tọ́ owó àwọn olówò. A ti yọ èlé yẹn kí a tó rí èrè, ẹ̀yìn báǹkì sì ni olówò ń dúró láti gba tirẹ̀, ewu tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Èkejì ni owó oṣù. Ẹ̀gbọ́n wọn tó ń darí iṣẹ́ ní Sábẹ kì í gba owó oṣù. Tí wọ́n bá máa gba ẹlòmíràn síbẹ̀ ní 200,000 sẹ́fà lóṣù, 2.4 mílíọ̀nù lọ́dún nìyẹn, àṣẹ́kù ọdún kìíní á sì já láti 6 sí 3.6. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè ní èrè ilé-iṣẹ́. Mo ní kí arábìnrin náà bá a sọ̀rọ̀ lórí èyí kí wọ́n tó fẹnu kò sí iye kankan, nítorí kò bójú mu kí ó gba ìdá kan nínú mẹ́ta àárẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní iye kan, ẹ fi ìpín èrè dán an wò. 8 ní ọdún kìíní, 8.5 ní ọdún kejì, 18 ní ọdún kẹta, pẹ̀lú 100 tó kù nínú ìwé ní ìparí ọdún kẹta. Ẹ dín gbogbo rẹ̀ kù sí iye òní: 6.96, 6.43 àti 77.59 fún 18 àti 100 lápapọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90.98, ó bá 91 tiwa mu. Tí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ padà sí ìlà owó inú ìwé, kí ẹ sì wá ọdún tí ó kúrò níbi tó wà láìjẹ́ pé èrè ló wọlé tàbí ìpín ló jáde.