Ínfátà fún fíríìsà àti ampilifáyà: ẹ ra piọ sáìnì wéèfù

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹni tó bá fẹ́ fi ínfátà gbé fíríìsà ẹja, fáànù tàbí ampilifáyà, irú ínfátà tí wọ́n ń pè ní piọ sáìnì wéèfù ni kó rà, kó fi irú kejì tó ń jẹ́ mọdifáì sílẹ̀. Iná NEPA máa ń lọ sókè, á tún wálẹ̀ wẹ́rẹ́, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ náà ni iná piọ ń ṣe. Ti mọdifáì ń fò bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ni. Apá kan iná tó ń fò yẹn kì í yí mọ́tò rárá, ooru ló ń dà nínú wáyà rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn fáànù lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú: á gbóná ju ti orí iná NEPA lọ, á sì máa kùn. Nínú ampilifáyà, ìkùn yẹn lè wọ sípíkà, ẹ ó máa gbọ́ ọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ (ìyà ńlá ni fún ìjọ tó ń gbàdúrà jẹ́jẹ́). Àmọ́ piọ kò dín agbára tí mọ́tò ń fà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀ kù o. Pọ́ǹpù kànga 750 wáàtì lè fa ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ínfátà kékeré á kàn kú ni. Bó bá jẹ́ gílóòbù àti ṣájà fóònù nìkan, mọdifáì sábà máa ń tó.