Bí mo ṣe kó àlàyé owó ìfẹ̀yìntì sínú ìwé ojú kan

Ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣe akọ̀wé. A ti lé ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí náà òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ti kàn wá. Ọ̀gá wa pe ilé-iṣẹ́ kan tó ń bójú tó irú owó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rán ọmọkùnrin kan wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àti pírójẹ́kítọ̀. Ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Àmọ́ àwọn tó ti ń po ìyẹ̀fun láti òru ló ń bá sọ̀rọ̀, oorun sì ti ń kùn wọ́n. Nígbà tó lọ tán, Ọ̀gá ní kí n kó gbogbo ohun tó sọ sínú ìwé ojú kan ní èdè Yorùbá, kí kálukú lè mú un lọ sílé.

Mi ò tẹ̀ lé ètò tó fi sọ̀rọ̀. Ìtàn òfin ló fi bẹ̀rẹ̀, ó wá kan PenCom, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó owó ìfẹ̀yìntì, ó kan àwọn ilé-iṣẹ́, kó tó wá kan owó níkẹyìn. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn bi í ni mo ti ń kọ sílẹ̀ lákòókò yẹn, orí wọn ni mo sì gbé ìwé náà kà: èló ni wọn yóò yọ lówó mi, ọwọ́ ta ni owó náà wà, tí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́, tí mo bá kú ńkọ́.

Ti àkọ́kọ́ ló gba àyè jù lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ dá náírà 8 nínú 100, kí agbanisíṣẹ́ dá náírà 10, ó kéré tán. Ṣùgbọ́n 100 wo? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe owó oṣù gan-an nìkan ni wọ́n ń wò, owó ilé àti owó ọkọ̀ máa ń wọ̀ ọ́. Mo mú ẹnì kan tó ń gba 150,000 náírà: 80,000 ni owó oṣù gan-an, 40,000 ni ti ilé, 30,000 ni ti ọkọ̀. Wọn yóò yọ 12,000 lówó tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ yóò fi 15,000 sí i, 27,000 ni yóò wọlé lóṣù. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣírò rẹ̀ lórí 80,000 nìkan, 6,400 àti 8,000 ni yóò rí, àpapọ̀ rẹ̀ ò ju 14,400 lọ. Ìṣírò méjèèjì ni mo tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ èkejì pé: "Èyí kò tọ́." Ẹni tó bá mú ìwé owó oṣù rẹ̀ lọ́wọ́ lè fi ṣe ìwọ̀n fúnra rẹ̀.

Gbólóhùn méjì ni mo fi dáhùn ti ọwọ́ ta ni owó wà. Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ bá fúnra rẹ̀ yàn ní í pinnu ibi tí wọn yóò fi owó náà ṣòwò sí, àmọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn ní í tọ́jú owó gan-an. Kò wọ àpò Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó wá ṣàlàyé.

Ti ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ló ti dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú jù. Ọmọkùnrin yẹn sọ pé ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí ìyá kan nínú àwọn tó ń di búrẹ́dì gbọ́ ni pé wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé ìyókù. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì: "Àǹtí Akọ̀wé, ṣé ẹ̀ẹ́ jẹ́ kí wọ́n jẹ owó wa ni?" Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe fi owó ọkùnrin wa kan náà ṣàlàyé. Ká ní ó ṣiṣẹ́ ọdún méjì, 648,000 ló ti wọlé, ká má tíì ka èrè àti owó iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ. Tí kò bá tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí kò ríṣẹ́ mìíràn, ó lè béèrè tó 162,000. 486,000 tó kù ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ibi iṣẹ́ tuntun yóò máa sanwó sí akáǹtì kan náà, torí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN kì í yí padà. Tó bá wá fẹ̀yìn tì lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, yóò gba apá kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò sì máa fún un ní ìyókù díẹ̀díẹ̀.

Ìbéèrè ikú kúrú. Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìwé adójútòfò ẹ̀mí fún gbogbo òṣìṣẹ́, èyí tí kò ní dín sí owó ọdún kan lọ́nà mẹ́ta. Fún ẹni tó ń gba 150,000, tí kò sí àjẹmọ́nú mìíràn, 5,400,000 nìyẹn. Owó yìí yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú akáǹtì, Ọ̀gá ló ń san án, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó oṣù ẹnikẹ́ni. Mo fi kún un pé kí oníkálukú wo orúkọ tó kọ pé kí wọ́n san án fún. Àwọn kan nínú wa ṣì kọ orúkọ ẹni tí wọn kò jọ gbé mọ́.

Gbólóhùn kan wà tí èmi àti Ọ̀gá jọ fà. Mo kọ ọ́ pé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá san owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ ti wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìtanràn wà lórí ilé-iṣẹ́, kò sì lè dín sí náírà 2 nínú 100 owó tí kò tíì wọlé, lóṣooṣù. Ọ̀gá ní ṣe ni mò ń kọ́ wọn kí wọ́n máa ṣọ́ òun. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí ọmọkùnrin yẹn náà sọ ọ́." Ó wo ìwé náà títí, ó ní kí n yọ ti ìtanràn, kí n fi ti ọjọ́ méje sílẹ̀. Mo gbà, nítorí ti ọjọ́ méje ni òṣìṣẹ́ lè fi ṣe nǹkan. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń yọ owó lóṣooṣù tí kò sì dé akáǹtì, ìwé owó oṣù nìkan kò sì lè fi hàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n béèrè àkọsílẹ̀ akáǹtì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n yàn, kí wọ́n fi wéra pẹ̀lú ìwé owó oṣù, oṣù kan sí ìkejì.

Kò sí àyè fún oríṣiríṣi àpò ìdókòwò tí ọmọkùnrin náà fi àkókò gígùn sọ. Ẹni tí kò bá yàn, ọjọ́ orí rẹ̀ ni wọn yóò fi pín in sí èyí tó yẹ, ó lè yí i padà tó bá yá. Lẹ́tà ńláńlá ni mo lò, torí ojú àwọn àgbà wa. Kí n tó tẹ̀ ẹ́, mo fún bàbá awakọ̀ wa ní kó kà á sókè. Ibi tó ti dúró lẹ́ẹ̀mejì ni "olùgbà-ogún", mo sọ ọ́ di "ẹni tí owó yóò kàn".

Nísàlẹ̀ ni mo fi ìlà òfìfo sí fún nọ́ńbà PEN. Ti púpọ̀ nínú wa ti jáde. Ti àwọn kan ò tíì jáde nítorí orúkọ tó wà lórí NIN wọn kò bá ti ọ́fíìsì mu: ẹnì kan ń jẹ́ Sùrájù lọ́dọ̀ wa, Sìrájù ló wà lórí NIN. Mo ti ní kí wọ́n lọ tún un ṣe ná, kí wọ́n tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.