Òkè rí òkè, rédíò kò gbọ́ra

Láti orí òkè kan ní Ṣábẹ̀ẹ́, mo ń fojú ara mi rí òkè kejì, 20 kìlómítà síbẹ̀, síbẹ̀ rédíò 5.8 GHz wa ń já ṣáá. Mo ya àwòrán gíga ilẹ̀ tó wà láàárín wọn: ìlà tààrà fi mítà 18 ré kọjá lórí gegele kan ní àárín gan-an. Ó dà bíi pé ó tó.

Kò tó. Àwòrán mi ka ayé sí pẹrẹsẹ; bó ṣe rí roboto gba mítà 6 níbẹ̀. Ìgbì náà kì í tín-ín-rín bí okùn, ó ń wú láàárín, ó sì fẹ́ nǹkan bíi mítà 10 lófìfo. Àwọn igi orí gegele (mo gùn ún lọ wọ̀n wọ́n) ga tó mítà 8. Gbogbo rẹ̀ di 24.

A fi mítà 6 kún òpó méjèèjì. Ká ní òpó kan ṣoṣo la gbé ga ni, mítà 12 ni ì bá gbà. Kò já mọ́.